RK4 àti ọ̀nà agbedeméjì: ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló ba ìṣirò náà jẹ́

*Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣírò bí omi gbígbóná ṣe ń tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní dígírì 98, yàrá wà ní 28. Nígbà tó di ìṣẹ́jú keje, mo gbé e sínú fìríìjì tó wà ní dígírì 8. Ìyára ìtutù tí mo lò ni 0.1 fún ìṣẹ́jú kan, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe máa gbóná tó ní ìṣẹ́jú 20. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé RK4 péye ju ọ̀nà agbedeméjì lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìgbésẹ̀ ìṣẹ́jú 5, agbedeméjì ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo gé ìgbésẹ̀ RK4 kù láti 2.5 sí 1.25, ńṣe ni àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣé kóòdù mi ló bàjẹ́ ni? Báwo ni kí n ṣe yan ìgbésẹ̀?*

Kóòdù yín kò bàjẹ́, RK4, ìyẹn ọ̀nà Runge-Kutta onípele kẹrin, náà kò sì ṣẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó gba orí ìṣẹ́jú keje kọjá, ló kó bá gbogbo ìyókù. Ẹ jẹ́ ká gbé fìríìjì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wo bí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń ṣe nígbà tí nǹkan ń lọ geere, torí ẹni tí kò bá mọ bí àṣìṣe ṣe yẹ kó máa dínkù kò ní mọ ìgbà tí kò dínkù bó ṣe yẹ.

Bí omi bá wà nínú yàrá nìkan, ìdọ́gba rẹ̀ ni `T' = -0.1*(T - 28)`. Ìyẹn ni pé bí omi bá ṣe gbóná ju yàrá lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtutù rẹ̀ ṣe máa yá tó. Ọ̀nà méjèèjì rèé nínú kóòdù, f ló ń sọ ìyára, h sì ni gígùn ìgbésẹ̀ kan:

```python
def agbede(f, t, y, h):
    k1 = f(t, y)
    return y + h*f(t + h/2, y + h/2*k1)

def rk4(f, t, y, h):
    k1 = f(t, y)
    k2 = f(t + h/2, y + h/2*k1)
    k3 = f(t + h/2, y + h/2*k2)
    k4 = f(t + h, y + h*k3)
    return y + h/6*(k1 + 2*k2 + 2*k3 + k4)
```

Ẹ mú bírò, ẹ bá mi ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú h = 5. Omi fi 70 gbóná ju yàrá lọ, nítorí náà k1 jẹ́ -7: dígírì méje ló ń bọ́ lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi ìyára yẹn rìn dé ìdajì ọ̀nà, ìyẹn ìṣẹ́jú 2.5, omi á ti di 80.5, ìyára tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ -5.25. Ibẹ̀ ni agbedeméjì ń dúró sí. Ó padà sí 98, ó fi -5.25 rin gbogbo ìṣẹ́jú márààrún, ó sì bá ara rẹ̀ ní 71.75. Ìdáhùn tòótọ́ ní ìṣẹ́jú karùn-ún jẹ́ 70.457, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 1.29.

RK4 ṣì ní iṣẹ́ tó kù. Ó padà sí 98, ó fi -5.25 yẹn rin ìdajì ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bá omi ní 84.875, ó sì rí k3 tó jẹ́ -5.6875. Ó tún padà sí 98, ó wá fi k3 rìn dé òpin ìgbésẹ̀, ó bá omi ní 69.5625, k4 wá jẹ́ -4.15625. Lẹ́yìn náà ló da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó ka àwọn méjì tó wà láàárín ní ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, ó pín àpapọ̀ wọn sí mẹ́fà, ó sì fi rìn. Ó bọ́ sí 70.474, àṣìṣe rẹ̀ kò ju 0.017 lọ. Runge ló gbé ọ̀nà agbedeméjì jáde ní 1895, Kutta ló sì to èyí tó ní k mẹ́rin pọ̀ ní 1901. Ẹ fi ìpín 1, 2, 2, 1 yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an la ó fi tú ọ̀rọ̀ fìríìjì.

Ìpele tí wọ́n máa ń sọ kò ju ọ̀rọ̀ bí àṣìṣe ṣe ń tẹ̀ lé h lọ. Nínú ìgbésẹ̀ ẹyọ kan, àṣìṣe agbedeméjì ń bá h³ rìn, ti RK4 ń bá h⁵ rìn. Ṣùgbọ́n bí ìgbésẹ̀ bá ṣe kúrú tó ni iye rẹ̀ máa pọ̀ tó kí a tó dé ìṣẹ́jú 20, àṣìṣe kéékèèké wọ̀nyẹn á sì máa kóra jọ. Nípa bẹ́ẹ̀ h kan á bọ́ kúrò: ní òpin ìrìn, h² ló kù fún agbedeméjì, h⁴ ló kù fún RK4. Ìdí rèé tí a fi ń pe ọ̀kan ní onípele kejì, tí a ń pe èkejì ní onípele kẹrin. Bí ẹ bá gé h sí méjì, ó yẹ kí àṣìṣe agbedeméjì pín sí mẹ́rin, kí ti RK4 pín sí mẹ́rìndínlógún.

Láìsí fìríìjì, ìdáhùn tòótọ́ ní ìṣẹ́jú 20 jẹ́ 37.4735. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 5, 2.5 àti 1.25, àṣìṣe agbedeméjì jẹ́ 1.21, lẹ́yìn náà 0.241, lẹ́yìn náà 0.054. Ti RK4 jẹ́ 0.0150, 0.00076 àti 0.000043. Ẹ pín wọn fún ara wọn. Agbedeméjì ń dínkù ní ìlọ́po 5.0 àti 4.4, RK4 ní ìlọ́po 19.8 àti 17.8. Wọn kò tíì jẹ́ 4 àti 16 gẹ́lẹ́, torí pé h ṣì tóbi, àwọn agbára h tó wà lókè sì ṣì ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bí h bá ti ń kéré sí i ni wọ́n ń súnmọ́ 4 àti 16. Ohun tí ẹ máa wò ni pé kí àwọn ìpín yẹn máa lọ síbì kan. Bí RK4 bá ń fún yín ní 4 tàbí 2 lórí iṣẹ́ tó ń lọ geere báyìí, nígbà náà ni kí ẹ lọ tú kóòdù wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, k1 lẹ́nì kan tún lò nígbà tó ń wá k3, tàbí kó gbàgbé láti fi h/2 kún t.

Ìdíje tó bá òfin mu kò gbọdọ̀ gbójú fo iye ìgbà tí a pe f, nítorí ibẹ̀ ni àkókò kọ̀ǹpútà ń lọ. RK4 ń pè é lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìgbésẹ̀ kan, agbedeméjì ń pè é lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà RK4 onígbèésẹ̀ 5 ló yẹ ká gbé síwájú agbedeméjì onígbèésẹ̀ 2.5, torí ìpè 16 ni àwọn méjèèjì ná. Àṣìṣe wọn jẹ́ 0.0150 àti 0.241. Bí ẹ bá fún àwọn méjèèjì ní ìpè 32, yóò di 0.00076 àti 0.054. Kí agbedeméjì tó lè dé 0.00076 yẹn, yóò ná nǹkan bí ìpè 260. Bí ẹ bá ṣe ń fẹ́ kí ìdáhùn péye sí i ni àlàfo yìí ṣe ń fẹ̀. Lórí iṣẹ́ tó ń lọ geere, èmi kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú RK4.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé omi sínú fìríìjì. Ìdáhùn tòótọ́ ní ìṣẹ́jú 20 wá di 22.9241. Bí ẹ bá kọ ọ́ pẹ̀lú `if t >= 7` nínú f, àṣìṣe RK4 fún ìgbésẹ̀ 5, 2.5, 1.25 àti 0.625 máa jẹ́ -0.603, +0.042, +0.160 àti -0.012. Ó lọ sísàlẹ̀, ó gòkè, ó tún lọ sísàlẹ̀. Kò sí ìpín kankan tí ẹ lè rí mú níbẹ̀, ohun tí ẹ̀yin náà rí nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ rèé. RK4 kò mọ ìgbà tí fìríìjì dé. Ibi mẹ́ta péré ló ń wò nínú ìgbésẹ̀ kan: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, àti òpin. Ìpín 1, 2, 2, 1 sì túmọ̀ sí pé ìbẹ̀rẹ̀ ń gba ìdá kan nínú mẹ́fà, àárín ń gba ìdá mẹ́rin nínú mẹ́fà, òpin ń gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ wo ìgbésẹ̀ tó lọ láti ìṣẹ́jú 5 dé 10. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú yàrá, àárín rẹ̀, ìyẹn 7.5, ti wà nínú fìríìjì, òpin náà wà nínú fìríìjì. RK4 wá ṣe bí ẹni pé omi lo ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìgbésẹ̀ náà nínú fìríìjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 250 nínú 300. Bẹ́ẹ̀, láti ìṣẹ́jú 7 dé 10, ìṣẹ́jú-àáyá 180 péré ló lò níbẹ̀. Omi wá tutù jù, àṣìṣe sì jẹ́ -0.603.

Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 2.5, ìgbésẹ̀ tó gba orí ìṣẹ́jú keje ni èyí tó lọ láti 5 dé 7.5. Ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín rẹ̀ wà nínú yàrá, òpin nìkan ló bọ́ sínú fìríìjì. Ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú 2.5 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 25. Èyí tó lò gan-an jẹ́ 30. Wọ́n kàn bá ara wọn mu ni, ìdí rèé tí àṣìṣe fi kéré báyẹn. Ẹ wá gé e sí 1.25: ìgbésẹ̀ náà lọ láti 6.25 dé 7.5, àárín rẹ̀ jẹ́ 6.875, òpin nìkan ló tún wà nínú fìríìjì. Ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 12.5, nígbà tí òtítọ́ ṣì jẹ́ 30. Omi kò tutù tó bó ṣe yẹ, àṣìṣe sì gòkè sí +0.160. Kò sí ohun tó burú nínú bí ẹ ṣe gé ìgbésẹ̀ kù. Oríire ìgbésẹ̀ 2.5 ló bọ́ lọ́wọ́ yín.

Agbedeméjì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fọkàn tán, ìyẹn àárín. Ní ìgbésẹ̀ 5, àárín rẹ̀ jẹ́ 7.5, ó sì fún omi ní ìṣẹ́jú márààrún nínú fìríìjì dípò mẹ́ta. Ìyẹn fa ìdáhùn sísàlẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àṣìṣe tirẹ̀ gan-an, èyí tó ní kí fìríìjì tó dé, ń fa ìdáhùn sókè ni. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́ dé -0.337. Ohun tí ẹ pè ní ìpéye agbedeméjì nìyẹn: àṣìṣe ńlá méjì tó ń fa okùn sí ọ̀nà òdìkejì. Ẹ gé ìgbésẹ̀ sí 2.5, àárín á di 6.25, fìríìjì kò ní wọ inú ìgbésẹ̀ náà rárá, àṣìṣe á fò sí +0.611. Ní 1.25 ó ṣì wà ní +0.354.

Nínú gbogbo èyí, ibi tí f ti já lójijì ti sọ ọ̀nà méjèèjì di onípele kìíní. Àṣìṣe tó ń wá látinú ìgbésẹ̀ kan yẹn ní ààlà tó ń bá gígùn ìgbésẹ̀ náà rìn, ṣùgbọ́n ibi tí ìjákè bọ́ sí nínú ìgbésẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe tóbi tó àti ìhà tó máa kọjú sí. Gígé h kù títí kò lè wo èyí sàn. Ẹ máa ná ìpè púpọ̀, ìpele kẹrin tí ẹ torí ẹ̀ mú RK4 kò sì ní padà wá.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ìgbésẹ̀ kan parí gẹ́lẹ́ ní ìṣẹ́jú keje, kí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á pín ìrìn náà sí 0 dé 7 àti 7 dé 20, wọ́n á sì fi `if t >= 7` sílẹ̀ nínú f. Ẹ wo k4 ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú ìṣẹ́jú keje: t rẹ̀ jẹ́ 7 gan-an. `if` á wò ó, á sì dá a lóhùn pé fìríìjì ti dé, nígbà tí omi ṣì wà lórí tábìlì. Bí ẹ bá lo ìgbésẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àti márùn-ún lẹ́yìn, k4 kan ṣoṣo yẹn á fa àṣìṣe tó jẹ́ -0.211. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà àti mẹ́wàá, á di -0.106. Ó pín sí méjì péré. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí RK4 tí àṣìṣe rẹ̀ ń pín sí méjì geere báyìí, ẹ lọ wá `if` kan tó ń dáhùn ní òpin ìgbésẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé agbedeméjì kì í kó sí páńpẹ́ yìí, torí kì í wo òpin ìgbésẹ̀ rárá. Ẹ má ṣe yí i padà sí `if t > 7` o. k1 ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò wá kó sí i.

Ẹ yọ `if` kúrò pátápátá. Ẹ fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní f tirẹ̀:

```python
def rin(f, t0, t1, y, n):
    h = (t1 - t0)/n
    for i in range(n):
        y = rk4(f, t0 + i*h, y, h)
    return y

y = rin(lambda t, y: -0.1*(y - 28), 0, 7, 98, 3)
y = rin(lambda t, y: -0.1*(y - 8), 7, 20, y, 5)
print(y)
```

Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ náà nìyẹn, iye kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ lò nígbà tí h jẹ́ 2.5. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 22.9252, àṣìṣe 0.0011. Ẹ sọ 3 àti 5 di 6 àti 10, ìdáhùn á di 22.9242, àṣìṣe á di 0.000063. Ìpín wọn jẹ́ 17.8. Ìpele kẹrin ti padà sílé.

Ẹ wò ó pẹ̀lú pé mo kọ `t0 + i*h`, n kò kọ `t += h`. Ẹ fi 0.1 kún òdo lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú kọ̀ǹpútà, `0.9999999999999999` ni ẹ máa rí, kì í ṣe 1. Ẹni tó bá ń kó h jọ báyìí dé ìṣẹ́jú keje lè rí i pé ìgbésẹ̀ kan ti ṣì lé lórí, tàbí pé ọ̀kan ti dín, kò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Ní ti yíyan ìgbésẹ̀, nínú iṣẹ́ gidi ẹ kì í ní ìdáhùn tòótọ́ lọ́wọ́ láti fi wé. Ohun tí ẹ ní ni pé ẹ lè ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú h àti pẹ̀lú h/2. Bí RK4 bá ń ṣe bí onípele kẹrin, àṣìṣe àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po 16 ti èkejì, nítorí náà ìyàtọ̀ ìdáhùn méjèèjì jẹ́ ìlọ́po 15 àṣìṣe tó wà lára èyí tó péye jù. Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí 15. Fún agbedeméjì, 3 ni ẹ máa fi pín in. Nínú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ìyàtọ̀ 22.92522 àti 22.92417 jẹ́ 0.00105, pín in sí 15, ó di 0.00007. Àṣìṣe gidi jẹ́ 0.000063, ìdíwọ̀n náà sì tó gbára lé. Ṣùgbọ́n ẹ má lo pínpín sí 15 yìí lórí ìṣirò tí ìjákè ṣì wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú `if`, ìdáhùn 2.5 àti 1.25 yàtọ̀ síra ní 0.118, ẹ máa sọ pé àṣìṣe kò ju 0.008 lọ, nígbà tó jẹ́ 0.160 gan-an. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, h, h/2 àti h/4, kí ẹ wò ó bóyá ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 16 ìyàtọ̀ kejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì gba ìdíwọ̀n kankan gbọ́.

Nígbà tí ìdíwọ̀n àṣìṣe bá ti wà lọ́wọ́, ìgbésẹ̀ tuntun rọrùn: `h_tuntun = h*(ààlà/àṣìṣe)**(1/4)`. Fún agbedeméjì, `1/2` ni kí ẹ fi rọ́pò `1/4`. Ká ní àṣìṣe 0.01 tó yín. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ní àṣìṣe tí a díwọ̀n sí 0.0011. 0.01 pín sí 0.0011 jẹ́ nǹkan bí 9, gbòǹgbò kẹrin rẹ̀ sì jẹ́ 1.73, nítorí náà h lè gùn ní ìlọ́po 1.73, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ á sì di 4.6. Ẹ gbé e sókè sí márùn-ún, méjì ṣáájú ìṣẹ́jú keje, mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: àṣìṣe jẹ́ 0.0093, ó wọlé tín-ín-rín. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ò lè yẹ̀ wò, ẹ fi ọ̀kan lé e kó di mẹ́fà.

Kí ẹ tó kọ ààlà yẹn sílẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá 0.1 tí ẹ lò fún ìyára ìtutù péye tó. Bí ó bá lè jẹ́ 0.095 tàbí 0.105, ìgbóná omi ní ìṣẹ́jú 20 á sún ní nǹkan bí dígírì 1.3 sí ìhà èyíkéyìí. Bákan náà, nọ́ńbà yẹn lè má jẹ́ ọ̀kan nínú yàrá àti nínú fìríìjì, pàápàá bí fìríìjì náà bá ní fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu ife. Lójú irú àìdánilójú bẹ́ẹ̀, àṣìṣe 0.000063 kò fi ohunkóhun kún ìmọ̀ yín. Àṣìṣe ìṣirò tó kéré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá àìdánilójú ìwọ̀n yín ti tó, 0.1 dígírì tó fún iṣẹ́ yìí, ìgbésẹ̀ RK4 mẹ́rin tàbí márùn-ún á sì gbé e.

Ìgbà kan wà tí ìpéye kì í ṣe ohun tó ń pinnu h. Ẹ fi ìyára ìtutù sọ h di púpọ̀: bí ó bá ju 2 lọ, agbedeméjì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i dípò kó dínkù, omi tó yẹ kó tutù á máa gbóná sí i ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ààlà RK4 jẹ́ nǹkan bí 2.785. Nínú iṣẹ́ yín, ìyẹn jẹ́ ìgbésẹ̀ ìṣẹ́jú 20 àti 27.8, kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ fi tẹmómítà onírin tín-ín-rín kún ìṣirò náà, èyí tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 1 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbésẹ̀ RK4 kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 2.785 mọ́, títí dé ìṣẹ́jú ogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹmómítà náà ti bá omi dọ́gba tipẹ́tipẹ́. Ìyẹn jẹ́ ìgbésẹ̀ 431, ìpè 1724. Agbedeméjì á ná ìpè 1200 àti díẹ̀. Níbí yìí ni agbedeméjì ti ń borí ní òótọ́, torí ìdúróṣinṣin ló ń gé ìgbésẹ̀ kúrú, ìpele kẹrin kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Bí ìyára tẹmómítà bá tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kò sí èyí tó dára nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tó ń wo ìyára ní òpin ìgbésẹ̀ tí a kò tíì mọ̀, tí a ní láti yanjú ìdọ́gba kí a tó rí i, ni kí ẹ lò.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbóná yàrá ni ẹ kà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí ẹ wá fi ìlà tààrà so àwọn àmì náà pọ̀, ìjákè kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n igun wà ní gbogbo orí àmì. Igun máa ń sọ RK4 di onípele kejì bí ìgbésẹ̀ bá gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ yan h tó lè pín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìkù, bíi 5 tàbí 2.5, kí gbogbo igun lè bọ́ sí òpin ìgbésẹ̀. Níbẹ̀, k4 kò ní ìṣòro, torí ìlà ọ̀tún àti ìlà òsì bá ara wọn mu lórí àmì náà gan-an.